Ihò ìdánwò fún sókàwéè: omi tán ní ìṣẹ́jú 11, ṣé ó ti tó?

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Sọ́ńdè, 7:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kọ́lé lọ́nà Mọ́níyà, n'Íbàdàn, pulọ́ọ̀tì kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà lọ́nà 100. Ènìyàn mẹ́fà ló máa gbé ibẹ̀. Mi ò fẹ́ kòtò sókàwéè jínjìn tí gbogbo ayé ń gbẹ́. Yàrà tí wọ́n ń tẹ́ páìpù onílílu àti òkúta sí, tí omi sẹ́pítíìkì á máa gbà bẹ́ẹ̀ rọra wọlẹ̀, lèmi fẹ́. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ dán ilẹ̀ wò. Lánàá mo gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ méjì, mo da omi kún un, ìṣẹ́jú 11 lomi fi tán pátápátá. Báwo ni mo ṣe máa ti ibẹ̀ mọ bí yàrà náà á ṣe gùn tó?

Pọ́ḿbà_Wálé · Sọ́ńdè, 8:05 alẹ́

Kí lẹ tún ń wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 11? Ilẹ̀ tó ń mu omi bí ọ̀mu! Ọdún 19 rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ páìpù, bómi bá ṣe ń yára lọ sí nilẹ̀ ṣe ń dáa sí. Ẹ gbẹ́ kòtò ẹsẹ̀ mẹ́wàá kan, ẹ fi búlọ́ọ̀kù tò ó láìfi sìmẹ́ńtì dí àárín wọn, ẹ bò ó, ó parí. Owó tí ẹ fẹ́ ná sórí yàrà, ẹ fi ra táìsì.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Sọ́ńdè, 9:22 alẹ́

Àbúrò, ẹ má tíì fi ìṣẹ́jú 11 yẹn ṣe nǹkan kan. Òùngbẹ ilẹ̀ lẹ wọ̀n. Oṣù Fẹ́búárì la wà yìí, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀, amọ̀ apá ibẹ̀ yẹn á ti sán. Inú ibi tó sán lomi yín wọ̀ lọ. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kó wọlé, tí ènìyàn mẹ́fà ń wẹ̀, tí wọ́n ń fọṣọ, tí wọ́n ń ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ abẹ́ yàrà yẹn ò tún ní gbẹ mọ́. Ilẹ̀ tó ti mu omi yó lẹ gbọ́dọ̀ dán wò.

Ọdún 14 ni mo fi ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀gbin ní Kẹ́ńtì, n'Ílùú Ọba, kí n tó padà wálé. Bá a ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún ni mo ṣì ń ṣe é níbí. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìsàlẹ̀ páìpù yín máa wà nínú ilẹ̀. Ẹ gbẹ́lẹ̀ débẹ̀, kó fẹ̀ débi tí èèyàn á lè wọ inú ẹ̀ lóṣòó. Nísàlẹ̀ ibẹ̀ lẹ óò wá gbẹ́ ihò ìdánwò gan-an sí: gígùn ẹ̀ 300 mìlímítà, ìbú ẹ̀ 300, jíjìn ẹ̀ náà 300. Rúlà gígùn tọ́mọ iléèwé ń lò ni, ní gbogbo ọ̀nà. Omi bíi lítà 27 ló máa kún un. Ẹ da omi kún un nírọ̀lẹ́, kí ẹ lọ sùn.

Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ tún un kún dé 300. Ẹ má ka aago látìgbà tó kún o. Ẹ jẹ́ kómi lọ sílẹ̀ títí tó fi ku 225 láti ìsàlẹ̀, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ aago. Tó bá ku 75, ẹ dá a dúró. 150 mìlímítà ló lọ sílẹ̀ yẹn. Ẹ sọ àsìkò náà di sẹ́kọ́ńdì, kí ẹ fi 150 pín in, iye sẹ́kọ́ńdì tí omi fi ń lọ sílẹ̀ ní mìlímítà kan lẹ rí yẹn. Òun la ń pè ní Vp. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ihò má sì dín sí méjì. Ẹ fọ́n wọn ká ibi tí yàrà máa gbà, ẹ má kó gbogbo wọn sójú kan.

Ẹ̀gbọ́n Wálé, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ "bó ṣe ń yára sí ló ṣe ń dáa sí" yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Omi tó ń jáde láti sẹ́pítíìkì ò tíì mọ́, ilẹ̀ gan-an ló ń sẹ́ ẹ. Tó bá sáré jù, kò ní dúró kí ilẹ̀ sẹ́ ẹ kó tó bá omi kànga pàdé. Ìwé òfin ilé kíkọ́ tiwọn lọ́hùn-ún, apá H, ní kí Vp wà láàárín 12 sí 100. Tó bá kéré sí 12, wọn ò ní gbà fún yín, bí wọn ò ṣe ní gbà tó bá ju 100 lọ. Ìdánwò Akínkọ́lé yìí, ẹsẹ̀ méjì ní ìṣẹ́jú 11, sẹ́kọ́ńdì kan lé díẹ̀ ni fún mìlímítà kan. Ilẹ̀ amọ̀ kankan ò lè yára tó bẹ́ẹ̀ tó bá ti yó fómi.

Ìyá_Bísí · Mọ́ńdè, 6:50 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi náà wà nínú ẹ̀. Sókàwéè wa kún nígbà Kérésì, a pe ọkọ̀ tó ń fà á, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún kún. Aládùúgbò kan ní ìyẹ̀fun kan wà tí wọ́n ń dà sí i tó máa jẹ gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, èló ni wọ́n ń tà á, ibo ni wọ́n ti ń rà á?

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Mọ́ńdè, 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ Mà. Ìdánwò ilẹ̀ ṣáájú ilé kíkọ́ là ń sọ níbí, àmọ́ ẹ dúró ná kẹ́ ẹ tó náwó. Ìyẹ̀fun lè jẹ ìgbẹ́, kò lè jẹ omi, omi ló sì kún sókàwéè yín. Tí ọkọ̀ bá tún fà á, ẹ ṣí ìdérí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lo omi nínú ilé fún wákàtí bíi mélòó kan, kí ọmọdé má sì súnmọ́ ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún rí i tí omi ń sun wọ inú ẹ̀ láti ara ògiri, omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń wọlé. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ títí ẹ fi padà bẹ̀rẹ̀ sí í lo omi, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló ti dí. Ìwòsàn méjèèjì ò jọra.

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Mọ́ńdè, 12:15 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, Ẹ̀gbọ́n. Àṣé eré ọmọdé ni mo ṣe ní Sátidé. Ìbéèrè mẹ́ta ni. Mo fẹ́ mọ bí mo ṣe máa mọ ibi tí ìsàlẹ̀ páìpù máa wà nígbà tí mi ò tíì kọ́ sẹ́pítíìkì. Ìkejì, omi máa ń rú bí mo bá ń da garawa sí i, gbogbo ìsàlẹ̀ ihò a di ẹrẹ̀. Ìkẹta, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé omi ti dé 225 gẹ́lẹ́ nínú ihò tó dúdú bẹ́ẹ̀ yẹn?

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Mọ́ńdè, 1:40 ọ̀sán

Ìbéèrè ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látẹnu ilé. Ibi tí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti ń jáde lára ìpìlẹ̀, ẹ wọn jíjìn ẹ̀. Láti ibẹ̀ dé sẹ́pítíìkì, páìpù gbọ́dọ̀ máa dagẹ̀ẹ̀rẹ̀, ẹnu àbájáde sẹ́pítíìkì sì máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu àbáwọlé. Ẹ fi okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì fà á dé ibi tí yàrà máa wà. Tẹ́ ẹ bá bá a ní 600 mìlímítà, a jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ihò ìdánwò yín á wà ní 900. Ẹ má ṣe é lórí ilẹ̀ dúdú òkè tí ewé jẹrà sí, ibẹ̀ máa ń mu omi ju ìsàlẹ̀ lọ, á sì tàn yín.

Ní ti ẹrẹ̀, ẹ tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì tí ẹ ti fọ̀ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ rọra da omi sórí ẹ̀, kí ẹ wá fà á jáde. Ẹrẹ̀ tó bá rú máa ń padà rọ̀ sílẹ̀ bí ọ̀dà, á sì dí ojú ilẹ̀. Nǹkan kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kíyè sí. Tí ṣọ́bìrì bá gé amọ̀, ojú ibi tó gé á máa dán bí ìkòkò tí wọ́n fi ọwọ́ ra. Omi ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ fi ìṣó ha gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ títí tí kò fi ní dán mọ́, kí ẹ kó èyí tó já bọ́ jáde. Mo ti rí ihò tó kọ́kọ́ fi wákàtí mẹ́ta lọ, tá a ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó wá di ìṣẹ́jú 70.

Fún wíwọ̀n, ẹ gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ kan ìṣó kékeré sí i ní 75, òmíràn ní 225, kí ẹ kàn án mọ́lẹ̀ ní àárín ihò kó má mì. Ẹ fi iná fóònù tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Bí omi bá fẹ́ fi ìṣó sílẹ̀, ẹ máa rí i tó lẹ̀ mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni pé kò fẹ́ lọ, ó wá já. Ibi tó ti já yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ aago. Ọ̀nà kan náà ni kẹ́ ẹ máa lò nígbà gbogbo, kò burú.

Ọmọ_Ajáh · Mọ́ńdè, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ n dá sí i. Èmi ṣe ìdánwò yìí ní ọ̀nà Ajáh ní oṣù Jánúárì, iyanrìn ni, ìṣẹ́jú 5 ni omi fi kúrò ní 225 dé 75. Inú mi dùn, mo tẹ́ páìpù. Oṣù Júùnù, ní ọ̀sẹ̀ kejì òjò, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọ̀, kò ṣàn. Mo gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ yàrà wò: omi dídá ṣáṣá ló wà níbẹ̀, ó ga ju páìpù lọ. Kì í ṣe tiwa, láti abẹ́ ilẹ̀ ló ti wá. Ìdánwò mi ò purọ́. Oṣù tí mo ṣe é ló purọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Mọ́ńdè, 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ Ajáh ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ lánàá. Ihò kan tún wà ṣáájú ihò kékeré: ihò ńlá tí a fi ń wá omi abẹ́ ilẹ̀. Mítà kan lóròó àti níbùú, kó jìn tó mítà méjì, tàbí kó fi mítà kan àtààbọ̀ rẹlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ páìpù. Omi abẹ́ ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ga dé ibi tó fi máa ku mítà kan sí ìsàlẹ̀ páìpù, ní àsìkò òjò pàápàá. Ẹ fi igi àti páànù bò ó o, kí ẹran tàbí ọmọ má já sínú ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀ ọ́ lọ bẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀. Amọ̀ máa ń wó luni.

Ìṣẹ́jú 5 ti Ajáh yẹn náà, sẹ́kọ́ńdì 300 ni, ẹ fi 150 pín in, méjì péré ni. Kò dé 12. Ká tiẹ̀ ní omi ò sun, kò yẹ fún yàrà lásán.

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Sátidé, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe é. Ihò mẹ́ta, mo bomi sí wọn ní alẹ́ Tọ́sìdeè, mo tún bomi sí wọn ní alẹ́ Fúráìdè, mo wá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ òní. Ọwọ́ mi ti bó.

Ihò kìíní: ìṣẹ́jú 48, 50, 52.
Ihò kejì: ìṣẹ́jú 71, 75, 79.
Ihò kẹta, tó wà lẹ́bàá igi máńgòrò: ìṣẹ́jú 6. Mo tún un ṣe, 6. Mo tún un ṣe, 6.

Mo ṣe àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo pín in, Vp mi jẹ́ 17 àti díẹ̀. Ṣé ó dáa?

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Sátidé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣiṣẹ́ gidi. Àmọ́ ẹ má da ihò kẹta mọ́ wọn. Ihò méjì tó jọra, tí ìkẹta wá yára ju wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi rí ọ̀nà kan gbà ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ dáadáa, ní ìhà ọ̀dọ̀ máńgòrò.

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Sátidé, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Áà. Ihò ìkán! Ó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ mi, ó gba abẹ́ gbòǹgbò lọ. Ìyẹn ni pé látàárọ̀ ni mo ti ń fún ìkán lómi mu.

Pọ́ḿbà_Wálé · Sátidé, 6:00 ìrọ̀lẹ́

😂😂 Ìkán tiẹ̀ ti ń bá yín gbẹ́ sókàwéè lọ́fẹ̀ẹ́.

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Túsìdeè, 2:20 ọ̀sán

Mo gbẹ́ òmíràn, mítà mẹ́rin sí máńgòrò. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo ṣe é, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 62 àtààbọ̀ tí mo bá ṣe àròpín. Mo wá ní 20, 30 àti 25.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Túsìdeè, 8:10 alẹ́

Nǹkan tó ṣe é gbára lé nìyẹn. Àròpín ẹ̀ jẹ́ 25. Ẹ tún wò ó pé nínú ihò kìíní àti ìkejì, ìgbà kẹta máa ń pẹ́ ju ìgbà kìíní lọ. Ilẹ̀ náà ṣì ń yó bọ̀. Kò burú, àmọ́ ó fi hàn pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gé nǹkan kan kù nínú ohun tí ìṣirò bá sọ.

Ìṣirò tí a ń lò fún omi tó ń ti sẹ́pítíìkì bọ̀ nìyí, p ni iye ènìyàn, At sì ni ìwọ̀n ìsàlẹ̀ yàrà ní mítà onígun mẹ́rin:

```
At = p × Vp × 0.25
At = 6 × 25 × 0.25 = 37.5
```

37.5 nìyẹn. Ìsàlẹ̀ yàrà nìkan ni o, a kì í ka ẹ̀gbẹ́ mọ́ ọn, torí ẹ̀gbẹ́ la fi sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ìsàlẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Yàrà lè fẹ̀ láti 300 dé 900 mìlímítà. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ ní 600, gígùn ẹ̀ máa jẹ́ mítà 62 àtààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ ní 900, ó máa tó mítà 42. Ìyẹn ni pé ẹ lè pín in sí yàrà mẹ́ta, mítà 14 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn tó mítà méjì wà láàárín ọ̀kan sí èkejì.

Èmi tí mo máa ń bẹ̀rù ọ̀la, 30 ni mo máa lò dípò 25, torí ihò tó lọ́ra jù ló máa kọ́kọ́ dí. Ó máa jẹ́ 45. Àmọ́ ìyẹn jẹ́ ti ara mi.

Túńdé_Àtìláńtà · Túsìdeè, 9:33 alẹ́

Ẹ kú làákàyè. Fún àwọn tó wà l'Ámẹ́ríkà tí wọ́n ń ka èyí: lọ́dọ̀ tiwa, iye ìṣẹ́jú tí omi fi ń lọ sílẹ̀ ní íǹṣì kan là ń lò. Vp 25 yẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú 10 àtààbọ̀ fún íǹṣì kan. Ẹ má gbé nọ́ḿbà tiwa sínú ìṣirò Ẹ̀gbọ́n o. Bàbá mi kan ṣe é bẹ́ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, ó fi ìṣẹ́jú-fún-íǹṣì sípò Vp, yàrà ẹ̀ wá kéré ju ìdajì ohun tó yẹ lọ.

Pọ́ḿbà_Wálé · Túsìdeè, 10:05 alẹ́

Mo ti ń gbọ́ yín bọ̀. Ibo ni Akínkọ́lé fẹ́ rí mítà 42 nínú pulọ́ọ̀tì kan? Kòtò tèmi, tó bá fẹ̀ tó mítà kan àtààbọ̀, tó jìn tó mítà mẹ́ta, ẹ ṣe ìṣirò ògiri ẹ̀ yíká: ó lé ní 14 mítà onígun mẹ́rin. Kòtò mẹ́ta ti ju yàrà yín lọ, ilẹ̀ tó gbà ò sì tó nǹkan. Ilé tí mo ti ṣe é fún láti ọdún 2009 ṣì ń lò ó.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Ọjọ́rú, 6:45 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Wálé, ìṣirò yín tọ̀nà. Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni pé ilẹ̀ tí Akínkọ́lé dán wò wà ní 600 sí 900 mìlímítà. Kòtò yín ń lọ sí mítà mẹ́ta. Ilẹ̀ Ìbàdàn kì í rí bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ lè bá yangí pàdé, ẹ lè bá àpáta tó ti ń rà. 25 yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín nípa ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo kòtò, níbi tí kòtò máa dé lẹ gbọ́dọ̀ ti dán an wò.

Èkejì ni kànga. Bí ẹ ṣe ń jìn sí i lẹ ń súnmọ́ omi tí ẹ̀yin àti aládùúgbò ń mu. Akínkọ́lé, ẹ ò tíì sọ fún wa, ibo ni kànga yín wà?

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Ọjọ́rú, 11:20 àárọ̀

Iwájú ilé ni kànga mi wà. Láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé tí mo fẹ́ gbẹ́ yàrà sí jẹ́ mítà 19. Kànga aládùúgbò mi tó wà lẹ́yìn jẹ́ mítà 9 sí fẹ́ǹsì mi. Ẹ̀yìnkùlé náà fẹ̀ tó mítà 15, ó jìn tó 8 láti ògiri ilé dé fẹ́ǹsì. Mo ti fi okùn wọ̀n ọ́n: yàrà mẹ́ta wọ ibẹ̀, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Ọjọ́rú, 7:50 alẹ́

Yàrà mẹ́ta àti àlàfo méjì jẹ́ mítà 6.7, lóòótọ́ ó wọ̀ ọ́. Àmọ́ wíwọ̀ nìkan kọ́. Lọ́hùn-ún, mítà 50 la fi ń jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fa omi mímu, mítà 15 sí ilé. Níbí, 30 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń sọ fún kànga. Ẹ wá wò ó: pulọ́ọ̀tì 50 lọ́nà 100, láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, mítà 34 péré ni. Ìyẹn ni pé tí kànga bá wà ní igun kan, igun kejì nìkan ni sókàwéè lè wà, ká tó sọ ti aládùúgbò. Pulọ́ọ̀tì kan tó ní kànga àti sókàwéè pọ̀, kò sí bí èèyàn ṣe máa tò ó tó máa bá ìwé mu dáadáa. Mi ò ní purọ́ fún yín, gbogbo wa la ń ṣe èyí tó sàn jù nínú èyí tí kò dáa.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni kànga aládùúgbò yẹn. Tí ilẹ̀ bá dagẹ̀ẹ̀rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, mi ò ní gbẹ́ yàrà síbẹ̀.

Túńdé_Àtìláńtà · Ọjọ́rú, 9:01 alẹ́

Báyódáíjẹ́sítà ńkọ́, èyí tí kòkòrò ń jẹ ìgbẹ́ inú ẹ̀? Àwọn tó ń tà á lórí Fésíbúùkù ní kò nílò sókàwéè rárá.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Ọjọ́rú, 9:25 alẹ́

Omi tó wọlé ló máa jáde, Túńdé. Ènìyàn mẹ́fà tó fi omi wẹ̀, kòkòrò ò lè mu ún. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sómi gidi, tómi ń jáde níbẹ̀ ní mímọ́ díẹ̀, 0.20 la ń lò dípò 0.25. Ìyẹn sọ 37.5 di 30. Ó dín kù, kò tán. Èyí tí wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tí kò ní iná mànàmáná, 0.25 náà ni mo máa lò fún un.

Pọ́ḿbà_Wálé · Ọjọ́rú, 9:40 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kúkú sọ fún un kó má kọ́lé mọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Ọjọ́rú, 9:52 alẹ́

Rárá o 😄. Tó bá jẹ́ tèmi, màá fi kànga iwájú sílẹ̀ bó ṣe wà, màá gbé yàrà lọ sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì tó jìnnà jù sí kànga aládùúgbò, màá sì bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí n tó gbẹ́ nǹkan kan. Omi òrùlé ò ní wọ inú yàrà láé. Mọ́tò ò ní gùn ún, mi ò ní da kọnkéré bò ó. Àmọ́ ṣáájú gbogbo ìyẹn, ihò mítà méjì yẹn kù. Ní báyìí tí ilẹ̀ gbẹ, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ tí ẹ ò rí omi, kò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyá_Bísí · Tọ́sìdeè, 7:15 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Ọkọ̀ wá fà á lánàá, a ò lo omi. Láàárọ̀ yìí omi ti dé ìdajì, ó mọ́, kò rùn tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kẹ́ńtì · Tọ́sìdeè, 7:40 àárọ̀

A jẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ ni Mà, nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí náà. Ẹ má ra ìyẹ̀fun kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi bí kànga tí ẹ ń lò ṣe jìnnà sí ibẹ̀ tó, ká ṣí ìjíròrò tiyín lọ́tọ̀. Kó tó dìgbà náà, ẹ sè é kí ẹ tó mu ún.

Akínkọ́lé_Mọ́níyà · Tọ́sìdeè, 1:05 ọ̀sán

Mo ti sọ fún bíríkìlà kó dáwọ́ dúró lórí ẹ̀yìnkùlé, kó máa bá iṣẹ́ inú ilé lọ. Mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: ilẹ̀ dà sí ọwọ́ ọ̀tún, kò dà sọ́dọ̀ aládùúgbò ẹ̀yìn, àmọ́ ojú ilẹ̀ nìyẹn o, mi ò mọ bí omi ṣe ń lọ nísàlẹ̀. Èmi àti bàbá náà ti sọ̀rọ̀. Ó ní kànga òun máa ń kún tó fi jẹ́ pé garawa kì í rìn ju mítà méjì àtààbọ̀ lọ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Tí ìsàlẹ̀ páìpù mi bá wà ní 600, ó ṣì ku nǹkan bíi mítà kan àti ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá mítà. Ó dà bí ẹni pé mo yege, àmọ́ ilẹ̀ tiẹ̀ ga ju tèmi lọ díẹ̀, mi ò sì tíì wọn iye tó fi ga. Mo máa gbẹ́ ihò mítà méjì náà ní Sẹ̀tẹ́ńbà, màá padà wá síbí.

Pọ́ḿbà_Wálé · Tọ́sìdeè, 1:30 ọ̀sán

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ẹ, ẹ pè mí. Mo máa mú dígà wá, mo sì fẹ́ gbẹ́ ihò 300 kan sí ibi mítà mẹ́ta tèmi yẹn, kí n fi ojú ara mi rí iye tó máa jẹ́.